Àkókò orí ìwé kọ́ ni àkókò inú fídíò

Iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé wá fún mi jù ni fídíò tó ti ní ìwé tirẹ̀. Ẹnì kan ti jókòó tì í, ó ti tẹ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sínú Word, ó sì ti fi àkókò sí ibi tó bá rántí: [2:10], [2:30], lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́ títí di [4:05]. Ẹni tó ni fídíò á wá ní, "Àǹtí, iṣẹ́ ti parí o, ẹ kàn bá wa sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò ni." Mo ti mọ̀ báyìí pé inú "ẹ kàn bá wa" yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò nira láti ṣàpèjúwe. Fáìlì SRT, tí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fídíò máa ń wà nínú rẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán tí a pín sí ẹyọ-ẹyọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí ìlà tirẹ̀. Lẹ́yìn nọ́ńbà ni ìlà àkókò, tó sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa yọ àti ìgbà tó máa kúrò. Ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìlà kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ìlà òfìfo tó fi hàn pé ẹyọ náà ti tán. Àkókò máa ń ní wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú àáyá, àti lẹ́yìn kọ́mà, nọ́ńbà mẹ́ta tó dúró fún ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá.

Nọ́ńbà mẹ́ta ìparí yẹn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé [2:10] tó sì sọ ọ́ di `00:02:10,000` ti sọ ohun tí ẹni tó tẹ ìwé kò sọ. Onítọ̀hún sọ pé "ní nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀." Fáìlì ti wá ń sọ pé níbí gan-an ni, kò yẹ̀ síwájú, kò yẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá fi fáìlì bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ fídíò, ọ̀rọ̀ á máa yọ lẹ́yìn tí olùsọ ti sọ ìdajì gbólóhùn. Ibi tí ìwé kò sì ní àkókò rárá, kò sí ohun tí a ó fi síbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo máa lò ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú bàbá ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn, nípa aṣọ òfì àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà èwe rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n sọ, Yorùbá náà ni wọ́n fẹ́ kó wà nísàlẹ̀, nítorí àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa àti àwọn tó ń wo fídíò nínú ọkọ̀ láìtan ohùn. Fídíò náà kò tó ogún ìṣẹ́jú.

Kí n tó fọwọ́ kan fáìlì kankan, mo máa ń ka àkókò inú ìwé nìkan, láìka ọ̀rọ̀, nítorí wọ́n máa ń sọ irú ẹni tó kọ wọ́n. Nínú ìwé bàbá ahunṣọ, gbogbo àkókò ló parí sí 0 tàbí 5. Ọ̀rọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ báyẹn nínú ayé, nítorí náà ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ń sún wọn sí 0 tàbí 5 tó sún mọ́ wọn jù ni. Mo pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù, mo bi í pé, "Ìgbà wo lo máa ń wo aago fídíò?" Ó ní, "Àǹtí, tí ẹnì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí mo ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ni mo máa ń dá a dúró. Màá wá wo iye tó wà níbẹ̀, màá tẹ̀ ẹ́, kí n tó máa tẹ ọ̀rọ̀ lọ."

Ìdáhùn yẹn wúlò fún mi ju ìwé náà lọ. Ó túmọ̀ sí pé gbogbo àkókò rẹ̀ ló pẹ́, wọ́n sì pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ń gbà ṣe é. Mo ti bá àwọn mìíràn pàdé tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá tẹ ìpínrọ̀ tán ni wọ́n máa ń wo aago, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè ìpínrọ̀ ni wọ́n kọ àkókò sí. Ti irú wọn, ìparí ọ̀rọ̀ ni àkókò náà ń tọ́ka sí. Bí ẹ bá lè rí ẹni tó tẹ ìwé, ẹ bi í. Ìpè kan lórí fóònù lè gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀sán kan.

Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń wá ohun tí mo ń pè ní òpó. Òpó ni ibi tí mo ti fi etí ara mi gbọ́ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tó wà láàárín òpó méjì, ìṣirò la ó fi gbé e. Mo máa ń yan ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìdákẹ́, bíi ìbéèrè tuntun, nítorí pé nínú Subtitle Edit, ètò kọ̀ǹpútà tí mo ń lò, a lè rí àwòrán ohùn nísàlẹ̀: ó tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, ó wá ga sókè lójijì níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òpó kan fún ìṣẹ́jú kan tó. Mo máa ń kọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn báyìí:

```
ìwé     fídíò     ìyàtọ̀
0:20    0:17,2     -2,8
2:10    2:07,0     -3,0
2:30    2:27,0     -3,0
4:05    4:01,9     -3,1
9:40    9:12,4    -27,6
```

Ẹ wo òpó mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ wọn kò kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin náà ṣe ṣàlàyé. Ẹ wá wo èyí tó kẹ́yìn. Láàárín ìṣẹ́jú kẹrin sí ìkẹsàn-án, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 24 àti ààbọ̀ ti sọnù. Ìfàsẹ́yìn ẹni tó ń tẹ̀wé kò lè yí padà tó bẹ́ẹ̀ lójijì, nítorí náà fídíò ni wọ́n ti gé lẹ́yìn tí ó tẹ ìwé tán. Ẹni tí kò bá mọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ti gbogbo ẹyọ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, á sì máa ṣe kàyéfì pé ìdajì àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ nígbà tí ìdajì kejì dára.

Ibi tí wọ́n ti gé e kò ṣòro láti rí. Mo lọ sí àárín, mo fi etí wá [6:50]: ìyàtọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ mẹ́ta. Mo lọ sí [8:15]: ó ti di 27 àti ààbọ̀. Ó ku ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ láti gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i nínú ìwé pé fóònù ẹnì kan dún, bàbá sì dúró láti kí ẹni tó pè. Ẹni tó ṣe àtúntò fídíò ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ṣì wà nínú ìwé. Mo yọ òun náà kúrò nínú ìwé. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo àkókò ìwé á dín ní 27,5 dípò mẹ́ta.

Bí ìyàtọ̀ bá ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìfò, -3, -6, -9, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn: iyára fídíò ni wọ́n yí padà. Èyí tó wọ́pọ̀ ni fídíò tó ń lo àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọ́n sọ di 23.976, tàbí èyí tó lọ láti ìkejì sí ìkíní. Ní wákàtí kan, ìyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀. Yíyọ iye kan náà kúrò nínú gbogbo àkókò kò lè tún un ṣe, a ní láti fi iye kan náà sọ gbogbo wọn di púpọ̀ ni. Subtitle Edit ní ibi tí a ti lè yan iyára méjèèjì kó ṣe é fúnra rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wọ àárín òpó méjì. Ohun tó wà nínú ìwé nìyí:

```
[2:10] Bàbá: Ẹẹn, nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn ìyá wa
ló ń ran òwú, wọn á kó o fún aláró, aláró á rẹ ẹ́ sínú aró.
Ìgbà tó bá gbẹ tán la tó máa gbé e sórí òfì.
[2:30] Oníbéèrè: Ṣé ẹtù nìkan lẹ ń hun?
```

Mo yọ "ẹẹn" kúrò, mo pín èyí tó kù sí ẹyọ mẹ́ta níbi tí èémí bàbá ti já. Bí a bá ka lẹ́tà, àlàfo àti àmì ìdánudúró pọ̀, àkọ́kọ́ jẹ́ 50, ìkejì 43, ìkẹta 43. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 136. Òpó sọ pé ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2:07,0, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e sì bẹ̀rẹ̀ ní 2:27,0. Ogún ìṣẹ́jú àáyá la ní láti pín. Ẹyọ tó ní lẹ́tà púpọ̀ gba àkókò púpọ̀: 50 nínú 136 gba nǹkan bí 7,4, àwọn méjì yòókù gba 6,3 kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ bára mu.

Ṣùgbọ́n kí n tó gba ìṣirò yìí gbọ́, mo máa ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀: lẹ́tà mélòó ni bàbá ń sọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan? 136 tí a pín sí ogún jẹ́ 6,8. Mo ti ṣe ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ ṣáájú, mo sì mọ̀ pé nǹkan bí mẹ́wàá ni bàbá máa ń sọ. Àgbàlagbà ni, kì í kánjú, àmọ́ kì í falẹ̀ tó 6,8. Bí iye yìí bá kéré ju ti olùsọ lọ báyìí, ìdákẹ́ kan wà níbì kan láàárín òpó méjèèjì tí ìwé kò sọ fún wa. Bó bá pọ̀ jù, tí ó jẹ́ pé bàbá tó ń sọ mẹ́wàá dédé ń sọ ogún, nǹkan méjì ló lè fà á: bóyá òpó kan kò tọ́, tàbí ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé tí kò sí nínú fídíò mọ́. Nínú gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi, èyí ni mo ń lò jù. Ó ń sọ ibi tó yẹ kí n fi etí sí fún mi, tí kò fi di dandan láti gbọ́ gbogbo fídíò bíi ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Mo gbọ́ ibẹ̀. Bàbá parí "ló ń ran òwú" ní 2:11,8, ó dákẹ́, ó na ọwọ́ sí ìdì òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e sókè fún kámẹ́rà. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà kó tó ní "wọn á kó o fún aláró." Ìṣirò ti fi ẹyọ kejì sí 2:14,4. Bàbá sọ ọ́ ní 2:17,6. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ aláró ì bá ti wà lójú fídíò nígbà tí bàbá ń fi òwú han kámẹ́rà láìfọhùn. Fáìlì náà wá di báyìí:

```
31
00:02:07,000 --> 00:02:11,800
Nígbà tí mo wà ní kékeré,
àwọn ìyá wa ló ń ran òwú,

32
00:02:17,600 --> 00:02:21,800
wọn á kó o fún aláró,
aláró á rẹ ẹ́ sínú aró.

33
00:02:22,200 --> 00:02:26,500
Ìgbà tó bá gbẹ tán
la tó máa gbé e sórí òfì.

34
00:02:27,000 --> 00:02:30,200
- Ṣé ẹtù nìkan lẹ ń hun?
- Rárá o! Sányán ńkọ́?
```

Lẹ́tà tó ń bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ẹyọ mẹ́ta àkọ́kọ́ ti di mẹ́wàá àti díẹ̀, bí bàbá ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ẹyọ 34 ni mo fi àwọn méjèèjì sí papọ̀ nítorí bàbá ò jẹ́ kí oníbéèrè sọ tán. Àmì kékeré níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan tó láti fi hàn pé ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tó bá wo ẹyọ 32 á rí i pé mo já ìlà lẹ́yìn "aláró," kì í ṣe lẹ́yìn "kó." Yorùbá kò fẹ́ kí a já àwọn ọ̀rọ̀ kan kúrò lára ara wọn. "Kó o", "rẹ ẹ́", "gbé e": bí ìlà bá parí sí "gbé", tí "e" wá dá nìkan wà lórí ìlà kejì, ojú òǹkàwé á dúró níbẹ̀ láti ronú. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ń" àti ọ̀rọ̀ ìṣe tó tẹ̀ lé e, "kò" àti ohun tó ń kọ̀, "tí" àti gbólóhùn tó ń ṣí. Kọ̀ǹpútà tó ń já ìlà fúnra rẹ̀ kò mọ èyí. Ó kàn ń wá àlàfo tó sún mọ́ àárín ni, "ń" tó dá wà sì máa ń jẹ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ní ti gígùn, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé ìlà kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà kò gbọdọ̀ ju méjì lọ, ẹyọ kan kò sì gbọdọ̀ dúró ju ìṣẹ́jú àáyá méje. Ìlànà Netflix náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún máa ń yẹra fún ohun tó bá ju lẹ́tà 17 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bàbá kì í fa wàhálà kankan níbí. Oníbéèrè ló ń sáré bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bí ìdákẹ́ bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo máa jẹ́ kí ẹyọ náà pẹ́ díẹ̀ wọ inú ìdákẹ́ náà. Bí kò bá sí, mo máa yọ "ṣé ẹ rí i" àti "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" kúrò. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń ṣe Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa kíka lẹ́tà, tí kò kan ẹni tó ń ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú "ọ̀kọ̀ọ̀kan." Lẹ́tà méje lojú rí. Nínú kọ̀ǹpútà, àmì ohùn tó wà lórí ọ kò bá a jẹ́ lẹ́tà kan, ó dá dúró ni, nítorí náà iye tí kọ̀ǹpútà lè kà níbẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Bí kíbọọ̀dù ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá tún ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, á di 13. Bí irinṣẹ́ yín bá ń fi àwọ̀ pupa sọ pé ìlà yín ti gùn jù, ẹ kọ́kọ́ fi ojú ka lẹ́tà tó wà níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń gé gbólóhùn Yorùbá tó dára nítorí àmì ohùn ara rẹ̀.

Àmì kan náà ló ń sọnù bí a bá fi fáìlì pamọ́ lọ́nà tí kò yẹ. Ẹ yan UTF-8 nígbà tí ẹ bá ń fi í pamọ́. Bí ẹ bá ṣí fáìlì náà tí ẹ rí `?` níbi tó yẹ kí ẹ̀ wà, kò sí lẹ́tà kankan láti gbà padà nínú fáìlì yẹn mọ́, inú èyí tó ṣáájú rẹ̀ lẹ ti máa mú un. Fún ìdí mìíràn, mi ò kì í kọ ìlà àkókò nínú Word rárá: ó máa ń sọ `-->` di àwòrán ọfà kan ṣoṣo, ẹ̀rọ tó ń ka SRT kò sì mọ ọfà yẹn. Ẹ ṣọ́ kọ́mà náà. Tí ẹ bá rí i tí ẹnì kan fi `.` sí ibi kọ́mà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti inú fáìlì WebVTT ló ti dà á kọ, èyí tó jẹ́ pé `.` ni tirẹ̀ máa ń lò, tó sì gbọ́dọ̀ ní `WEBVTT` lórí ìlà àkọ́kọ́. Ìlà òfìfo láàárín ọ̀rọ̀ ẹyọ kan náà léwu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á gbà pé ẹyọ ti tán níbẹ̀, ìlà tó kù lábẹ́ rẹ̀ á sì pòórá.

Nọ́ńbà ni mo máa ń fi sí i kẹ́yìn. Bí a bá ti kọ nọ́ńbà nígbà tí a ṣì ń pín ẹyọ, gbogbo ẹyọ tí a bá tún là sí méjì á da èyí tó kù rú. Subtitle Edit máa ń tún wọn kà fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá fi fáìlì pamọ́, nítorí náà mi ò lo ìṣẹ́jú kankan lé wọn lórí.

Nígbà tí fáìlì bá parí, mo máa pa ohùn fídíò, mo máa wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹyọ tí mi ò bá lè kà tán kí ó tó kúrò á hàn kíákíá, bí mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń tan ohùn, tí màá sì fo káàkiri ibi tí òpó wà nìkan. Bí òpó bá dúró, tí lẹ́tà sí ìṣẹ́jú àáyá kò sì yà kúrò ní ti olùsọ, ohun tó wà láàárín wọn kì í sábà yẹ̀.

Àwọn tó ni fídíò bàbá ahunṣọ tún fi àmì ìbẹ̀rẹ̀ oníṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí iwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti fi fáìlì ránṣẹ́, wọ́n sì tún gé ibì kan nítòsí ìparí. Wọ́n pè mí pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Mo ṣí ìwé òpó mi, mo gbọ́ òpó àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn nínú fídíò tuntun, mo pín àárín títí mo fi rí ibi tí wọ́n gé. Mo fi mẹ́jọ kún gbogbo ẹyọ. Mo wá yan ẹyọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ibi tí wọ́n gé, mo sì fa òun àti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi fáìlì tuntun ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ wọn.